Ẹ yọ okùn íńtánẹ́ẹ̀tì wò ná

Bí ẹ bá ti so iná tàbí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ lẹ́nu, ẹ yọ okùn tó gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ráótà, ṣùgbọ́n ẹ má pa Wáì-Fáì. Ẹ wá ní kó tan iná. Bí kò bá ṣe é, àmọ́ tí iná tàn nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, a jẹ́ pé àṣẹ tí ẹ fi ẹnu pa ló ń gba sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kọjá. Ẹ fi iná sílẹ̀ fún un. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò. Ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ ohùn nínú ilé fúnra rẹ̀ wà, ó kàn sábà máa ń lọ́ra lórí kọ̀ǹpútà kékeré ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ ṣe é láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ṣì lè fi ohùn ránṣẹ́ nígbà tí okùn bá padà.