Ẹ má wá L kí ẹ tó mọ̀ pé L wà

Iṣẹ́ kan wà tí mo sábà máa ń fi dán àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ìṣirò ní Agbowó wò: a₁ = 1, aₙ₊₁ = √(2 + aₙ). Ẹ fi hàn pé àwọn nọ́ńbà yìí ń sún mọ́ nọ́ńbà kan, kí ẹ sì wá nọ́ńbà náà, tí a ó máa pè ní L. Kí n tó pa ẹnu dé, wọ́n ti kọ L = √(2 + L), wọ́n ti sọ ọ́ di L² = L + 2, wọ́n rí 2 àti −1, wọ́n mú 2, ó parí. Ọmọ tí a ò tíì bí, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí a₁ = 1, aₙ₊₁ = 2aₙ + 1 kí ẹ wò ó. L = 2L + 1 máa fún yín ní −1. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 1, 3, 7, 15, 31 ni àwọn nọ́ńbà náà, òkè ni wọ́n ń sá lọ. Ohun tí ìdọ́gba yẹn ń sọ ni pé bí L bá wà, −1 ni. Kò sọ pé ó wà.

Àwọn tó mọ èyí tún máa ń há síbòmíràn: wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ fi hàn pé nọ́ńbà ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n aₙ₊₁ ≥ aₙ kò yàtọ̀ sí (aₙ − 2)(aₙ + 1) ≤ 0, nítorí kò sí èyí tó kéré sí òdo nínú wọn. Bẹ́ẹ̀, aₙ kò gbọ́dọ̀ ju 2 lọ kí ìyẹn tó lè rí bẹ́ẹ̀. Ààlà ló yẹ kó ṣáájú: a₁ kò tó 2, bí aₙ kò bá tó 2, 2 + aₙ kò tó 4, aₙ₊₁ náà kò ní í tó 2. Ìgbà yìí ni a lè sọ pé wọ́n ń pọ̀ sí i, wọn ò sì lè kọjá 2, nítorí náà L wà. Ẹ wá lè yanjú ìdọ́gba yẹn, kí ẹ sì ju −1 nù, torí pé nọ́ńbà tó ju òdo lọ kò lè sún mọ́ ọn.

Ẹlòmíràn á mú 3 ṣe ààlà. Kò purọ́, wọn ò kọjá 3 lóòótọ́, ṣùgbọ́n 3 kò ràn án lọ́wọ́: ó fàyè gba 2.5, èyí tó tẹ̀lé 2.5 sì jẹ́ nǹkan bíi 2.12, ó ti dín kù.

Èyí tó ń mú àwọn tó mọ ìṣirò gan-an ni pé √(2 + x) ń pọ̀ bí x bá ń pọ̀, wọ́n á wá ní dandan ni kí aₙ náà máa pọ̀. Ẹ fi a₁ = 7 bẹ̀rẹ̀: 7, 3, 2.236, 2.058. Ó ń dín kù! Nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ló ń pinnu ọ̀nà tí wọ́n máa gbà. Níbí, ìsàlẹ̀ ni a ti nílò ààlà, pé aₙ kò ní í kéré sí 2 láé; ẹni tó bá da ẹ̀rí ti a₁ = 1 kọ síbẹ̀ ti ṣì í láti ìlà àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 2 náà ló máa rí.