Mẹ́mò Ojú Ìwé Kan fún Ọ̀gá: Ibi Tí Ẹsẹ̀ Ti Ń Yọ̀

Ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé ọ́fíìsì wa l'Ábújá ni wọ́n ní kó kọ mẹ́mò fún Akọ̀wé Àgbà, lórí ìjábọ̀ òṣì tí NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìṣirò nípa ìlú, gbé jáde ní oṣù kọkànlá 2022. Ojú ìwé kan péré ló kọ, bí ọ̀gá ṣe fẹ́. Síbẹ̀, mi ò jẹ́ kó kọjá ọ̀dọ̀ mi.

Ó tò ó bí ìjábọ̀ ṣe tò ó. Ìdajì ojú ìwé ló fi sọ bí àwọn olùwádìí ṣe dé ilé tó ju 56,000 lọ. Ohun tí a fẹ́ kí ọ̀gá fọwọ́ sí wá wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹni tó ń kánjú lọ sípàdé kò ní kà dé. Mo ní kó gbé e sókè. Ìyẹn ò le.

Iye gan-an ló lè kó bá ni. Ó kọ ọ́ pé: “Òṣì ti fò láti ìdá 40.1 sí 63 nínú ọgọ́rùn-ún.” Iye méjèèjì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n wọn yàtọ̀. 40.1 ti ìwádìí 2018 sí 2019 ń ka àwọn tí ìnáwó wọn lọ́dún kò tó ₦137,430. 63 ń ka àwọn tí ìlera, ẹ̀kọ́, ìgbé ayé àti iṣẹ́ wọn mẹ́hẹ lápapọ̀. Èèyàn lè ní owó lápò kó ṣì máa lọ sínú igbó ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó bá so méjèèjì pọ̀ dà bí ẹni tó fi kóńgò wọn gàrí lánàá, tó fi ìwọ̀n kílò wọ̀n ọ́n lónìí, tó ní gàrí ti pọ̀ sí i. Ẹ fojú inú wo ọ̀gá yín tó ń sọ ọ́ níwájú àwọn aṣòfin.

Èkejì tún fara sin jù bẹ́ẹ̀ lọ: “Ìdá 65 àwọn ará Àríwá ni tálákà.” Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú mílíọ̀nù 133 tí wọ́n kà sí tálákà, ìdá 65, ìyẹn mílíọ̀nù 86, ló ń gbé Àríwá. Iye tálákà la pín, kì í ṣe iye ará Àríwá. Mo kọ́ ọ pé kó máa fi “nínú àwọn wo?” ṣáájú ìdá èyíkéyìí, bí ìdáhùn kò bá sí nínú gbólóhùn náà, kó padà sínú ìjábọ̀. Bó bá jẹ́ ìdá tálákà nínú ará ìlú ló ń wá, ti ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀: 91 ní Sókótó, 27 ní Oǹdó. (Ọmọ Oǹdó ni mí, mo ṣe bí ẹni pé mi ò rí i.)

Ìgbà tó tún un kọ, ìlà kìíní kà báyìí: “A ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹ fọwọ́ sí i pé kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti iná ìdáná ṣáájú nínú ètò ọdún tó ń bọ̀.” Ó wá bi mí bóyá kó yọ ilé 56,000 náà kúrò pátá. Mo ní kó fi gbólóhùn kan péré sílẹ̀ nísàlẹ̀, kó sì kọ nọ́ńbà ojú ìwé ìjábọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iye kọ̀ọ̀kan.