Bí mo ṣe mú kí béèsì rìn dípò kó máa fò

Orin ìfẹ́ kan tó ń lọ pẹ̀lẹ́ ni mo ń fi dùùrù tẹ̀. Kọ́ọ̀dù rẹ̀ kò le: C, G, Am, F. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti kúrò lórí C báyìí, ọwọ́ òsì mi á fò, orin á sì já lójijì. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹsẹ̀ mi ni kò tẹ pẹ́dà dáadáa.

Nígbà tí mo fi ìka kan ṣoṣo tẹ ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni mo gbọ́ ọ: láti C mo já bọ́ sí G, mo gun A, mo tún já sí F. Mo wá fi B sí abẹ́ kọ́ọ̀dù G, mo sì ki G sí abẹ́ Am fún lílù méjì tó kẹ́yìn kí F tó wọlé:

```
C  G/B  Am  Am/G  F
```

Béèsì wá ń sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: C, B, A, G, F.

Síbẹ̀, G/B ṣì wúwo létí mi. Àṣé ọwọ́ ọ̀tún mi náà ń tẹ B! Mo yọ ọ́, mo fi G àti D nìkan sílẹ̀, ohùn náà sì mọ́ kedere.

Ní ìparí ẹsẹ orin, mo dá G padà sí abẹ́ kọ́ọ̀dù G, nítorí fífò láti G sí C níbẹ̀ ló ń jẹ́ kí orin balẹ̀. Bí ẹ bá ní oníjìtá béèsì, ẹ tètè sọ fún un: tó bá tẹ G níbi tí ẹ ti ń tẹ B, kò sí ẹni tó máa gbọ́ àtẹ̀gùn yẹn.