Ìpè kan náà, ìkíni méjì

Lóṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ àwa tí a ń yan ẹja l'Ẹ̀pẹ́ ní kí n fi ímeèlì pe ènìyàn méjì. Ọ̀kan ni baba ìsàlẹ̀ wa, olóyè tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Èkejì ni obìnrin ará Jámánì kan, onímọ̀ nípa gbígbẹ oúnjẹ, tó fẹ́ wá wo ààrò wa. Mo kọ ẹyọ kan fún àwọn méjèèjì, mo fi `Dear All` bẹ̀rẹ̀, mo fi `Regards` parí. Ìyá Alága kà á kí n tó fi ránṣẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé Baba lo ń kí báyìí?" Ni mo bá pín in sí méjì.

Ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni bí oníkálukú ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Nínú lẹ́tà àtijọ́ kan, Baba kọ `Chief (Alhaji)` síwájú orúkọ wọn, torí náà n kò yọ ọ̀kankan. N kò kọ "ẹ káàárọ̀", nítorí wọ́n lè má ṣí ímeèlì títí di alẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà" bá gbogbo àkókò mu. Mo béèrè ara wọn àti ilé kí n tó fẹnu ba ọ̀rọ̀ ìpè. Ìparí rẹ̀ rèé:

```
Èmi ni ọmọ yín ní tòótọ́,
```

Bí lẹ́tà àìgbagbẹ̀fẹ́ bá ni, "Èmi ni tiyín ní tòótọ́" ni ìbá jẹ́, ṣùgbọ́n Baba mọ ìyá mi. "Tiyín" á dà bí ẹni pé mo sá fún wọn.

Ará Jámánì náà fi `Dr.` àti orúkọ rẹ̀ ní kíkún parí ímeèlì tirẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, oyè ẹ̀kọ́ àti orúkọ ìdílé ni a fi ń kí ẹni tí a kò tíì mọ̀, títí òun fúnra rẹ̀ á fi yọ̀ǹda orúkọ àbísọ. Mo kọ `Dear Dr.`, mo fi orúkọ ìdílé rẹ̀ tẹ̀ lé e, mo sì wọ inú ọ̀rọ̀ ní gbólóhùn àkọ́kọ́. N kò fi `ma` kún un, torí kò ní yé e. `Kind regards` ni mo fi parí.

Nígbà tó fèsì, orúkọ àbísọ rẹ̀ nìkan ló kọ sísàlẹ̀. Ọwọ́ mi wúwo gan-an, torí ó ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí. Síbẹ̀, bí mo bá tún padà sí `Dr.`, á jọ pé mo kọ ọwọ́ tó nà sí mi. Mo fi orúkọ àbísọ náà kí i.

Baba ò fèsì lórí ímeèlì rárá. Wọ́n pè mí lálẹ́: "Ọmọ mi, mo rí i. Ìyá ẹ ńkọ́?"