Bí a ṣe ń ṣe ipa bíìtì fún ọpọ́n ayò lórí ráútà oníkọ̀ǹpútà

Ọpọ́n ayò ni mo fi máa ń kọ́ ọmọṣẹ́ tuntun ní iṣẹ́ ráútà oníkọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń pè ní CNC. Ilé méjìlá inú rẹ̀ kò ní ìsàlẹ̀ pẹrẹsẹ, nítorí náà ẹni tó bá gbẹ́ ẹ ti rí ohun tí bíìtì kan, ìyẹn irin ìgé ẹnu ẹ̀rọ, lè ṣe tí èkejì kò lè ṣe. Ipa bíìtì ni ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ní kí bíìtì gbà kọjá.

Inú FreeCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán, ni mo ti ya tèmi. Ọpọ́n náà gùn ní 460 mìlímítà, ó fẹ̀ ní 170, ó sì nípọn ní 30. Ẹnu ilé kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60, jíjìn rẹ̀ 18, àlàfo 10 sì wà láàárín ilé kan àti èkejì. Bọ́ọ̀lù ni a fi ń yọ ihò náà nínú àwòrán. Kí ó tó lè bá ẹnu àti jíjìn yìí mu, rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 34:

```
(30² + 18²) ÷ (2 × 18) = 34
```

Sọ irú igi tó wà lórí tábìlì fún kọ̀ǹpútà

Kọ̀ǹpútà kò rí igi rẹ. Ohun tí o bá sọ fún un ló gbà gbọ́. Pákó ìrókò tí mo lò gùn ní 500, ó fẹ̀ ní 200, mo sì ti fi ẹ̀rọ fá a dé 30. Mo fi kálípà wọn nínípọn rẹ̀ níbi mẹ́fà kí n tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Bí ibì kan bá fi ìlàjì mìlímítà nípọn ju ibòmíràn lọ, ẹnu àwọn ilé kò ní dọ́gba, nítorí ihò rogodo máa ń fẹ̀ sí i bí bíìtì bá ti ń wọlẹ̀ sí i. Ìyẹn ni mo ṣe ń dá irú pákó bẹ́ẹ̀ padà sẹ́nu ẹ̀rọ ìfági.

Ní abala `CAM` (kí ẹ̀dà 1.0 tó dé ní 2024, `Path` ni orúkọ rẹ̀), ṣí `Job` tuntun, kí o sì yan ọpọ́n náà. Ní `Stock`, ìyẹn igi tí a fẹ́ gbẹ́, fi 20 kún òsì àti ọ̀tún, 15 kún iwájú àti ẹ̀yìn, kí o má fi nǹkan kan kún òkè tàbí ìsàlẹ̀. Orí àjẹkù yẹn ni kíláǹpù máa jókòó sí. Igun iwájú lápá òsì, lójú òkè igi, ni mo fi ṣe òdo, ibi tí gbogbo ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀. Òdo inú kọ̀ǹpútà àti òdo tí o máa fi ọwọ́ rẹ mú lórí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ibì kan náà.

Kíyè sí `Clearance Height` pẹ̀lú, ìyẹn ibi gíga tí bíìtì máa ń gbà kọjá nígbà tí kò bá gé nǹkan. FreeCAD á fi mìlímítà 5 péré síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Bóòtù kíláǹpù mi yọ ní 25 lókè igi. Bíìtì àkọ́kọ́ tí mo ṣẹ́ láyé mi, orí bóòtù ló ti ṣẹ́. Látìgbà náà, 35 ni mo ń kọ.

Bíìtì méjì

Kólẹ́ẹ̀tì ER11, ohun tó ń di bíìtì mú lórí ẹ̀rọ kéékèèké, kì í gba ẹsẹ̀ bíìtì tó ju mìlímítà 7 lọ, nítorí náà mo mú oní mìlímítà 6 méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú ìgé méjì: ọ̀kan olórí pẹrẹsẹ, ọ̀kan olórí róbótó. Olórí pẹrẹsẹ ló máa kó igi kúrò, òun náà ló sì máa gé etí ọpọ́n. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn ju 30.5 lọ, torí ibẹ̀ ni yóò gé dé. Bí ojú bá kúrú, ẹsẹ̀ bíìtì á máa ha igi lára, igi á sì jó.

Ìyára

Ìṣirò kan ṣoṣo ni: iye ìgbà tí bíìtì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, lọ́nà iye ojú rẹ̀, lọ́nà bí ìrépé igi tí ojú kọ̀ọ̀kan ń bù ṣe nípọn tó. Fún ìrókò, mo bẹ̀rẹ̀ láti 0.05:

```
16000 × 2 × 0.05 = 1600 mm/min
```

Fún wíwọlẹ̀ gbọọrọ, 500 tó. Ìgbésẹ̀ kan kò gbọdọ̀ jìn ju 3 lọ, ìyẹn ìdajì bíìtì.

Nígbà tí o bá ń kọ ọ́ sínú FreeCAD, kọ `1600 mm/min` pẹ̀lú ẹyọ rẹ̀. Bí o bá kọ 1600 lásán, tí ètò kọ̀ǹpútà rẹ sì ń ka ìṣẹ́jú àáyá, ohun tí yóò jáde ni `F96000`. Ẹ̀rọ á wá sáré dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, bíìtì á sì ṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí igi bá ń jó, kí a dín ìyára kù. Òdìkejì ló sábà máa ń jẹ́. Bíìtì tó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ kò gé igi, ṣe ló ń fi ara ra á, ooru á sì mú. Bu ohun tó ń jáde sọ́wọ́: bó bá jẹ́ ìrépé, ó dára, bó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú, fi kún ìyára tàbí kí o dín yíyí kù. Ìrókò tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀: òkúta funfun máa ń wà nínú ẹlòmíràn nínú wọn, ó sì ń pa ojú bíìtì. Bí ohùn ẹ̀rọ bá yí padà lójijì, dá a dúró. Fi nǹkan bo imú rẹ pẹ̀lú, ekuru rẹ̀ kò dára.

Ipa bíìtì fúnra rẹ̀

`3D Surface` ni mo lò fún àwọn ilé. Ó nílò àfikún kan tí wọ́n ń pè ní OpenCamLib, o sì gbọ́dọ̀ tan án nínú ètò. Yan ojú àwọn ilé méjìlá nìkan. Bí o bá gbàgbé, bíìtì á máa rìn káàkiri orí pẹrẹsẹ tí kò sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ti àkọ́kọ́, bíìtì olórí pẹrẹsẹ, `Multi-pass`, ìgbésẹ̀ 3, kí `Depth Offset` jẹ́ 1. Ìyẹn ń ṣẹ́ igi díẹ̀ kù fún bíìtì tó ń bọ̀. Kí ló dé tí kò fi jẹ́ 0.5? Òkè ni kọ̀ǹpútà ń gbé ipa náà sí, kì í tì í kúrò lára ògiri. Lẹ́nu ilé, ògiri dúró ní dígírì 62, nítorí náà 1 lókè jẹ́ nǹkan bí 0.47 lára ògiri. Ká ní 0.5 ni, 0.24 péré ni yóò kù, àpá bíìtì àkọ́kọ́ kò sì ní parẹ́.

Ti ìkejì, bíìtì olórí róbótó, `Single-pass`, `Depth Offset` 0, `Step Over` 10%, ìyẹn 0.6 láàárín ilà méjì. Òkìtì tó máa ń kù láàárín ilà nísàlẹ̀ ilé jẹ́ nǹkan bí 0.015, sáńpépà á jẹ ẹ́. Ilé méjìlá á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Bí o bá sọ ọ́ di 5%, àkókò á di ìlọ́po méjì, èmi kò sì rí ìyàtọ̀ lójú.

Ìgbẹ̀yìn ni `Profile`, pẹ̀lú olórí pẹrẹsẹ, dé -30.5. Fi ìdè mẹ́rin sílẹ̀, fífẹ̀ 8, gíga 3, kí ọpọ́n má fò nígbà tí ó bá já. Kí pákó ìtẹ́lẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

Kí igi tó fọwọ́ kan bíìtì

Wo iṣẹ́ náà nínú `Simulator`, kí o sì kọ ọ́ jáde pẹ̀lú `grbl`, orúkọ ètò tó ń darí ẹ̀rọ. Fáìlì mẹ́ta ni, torí GRBL kò mọ `M6` tó ń pàrọ̀ bíìtì. Ṣí wọn, kí o ka orí wọn:

```
G21
G90
M3 S16000
G0 Z35.000
```

`G21` ni mìlímítà. Wá `F` tó tóbi jù nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju 1600 lọ. Gbé òdo òkè sókè ní 40, jẹ́ kí fáìlì àkọ́kọ́ sáré lófuurufú, kí o wò ó bóyá ó fẹ́ kan kíláǹpù. Bí o bá pàrọ̀ bíìtì, fi bébà tún òdo òkè mú. Má fọwọ́ kan ti òsì àti iwájú.

Nígbà tó bá tán, fi ṣísẹ́lì gé ìdè. Ìsàlẹ̀ ilé gan-an máa ń rí wúruwùru, torí ṣóńṣó bíìtì róbótó kì í yára tó láti gé dáadáa. Sáńpépà 120 ló máa tún ibẹ̀ ṣe, kí 180 tó tẹ̀lé e.