Sikirínì tó dúró lóòró: ẹ kọ́kọ́ fi òbìrìkítí dán an wò

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá gbé sikirínì ìpolówó dúró lóòró nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ má tíì gbé pósítà sí i. Ẹ ya àwòrán ìdánwò kan, kí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 1080, kí gíga rẹ̀ jẹ́ 1920. Ẹ fa ìlà pupa sí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ ya òbìrìkítí sáàárín.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ká yí àwòrán. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, ẹ lọ sí Display orientation, kí ẹ mú Portrait. Bó bá dorí kodò, Portrait (flipped) ló tọ́. Ẹ má tún yí fáìlì náà, torí ńṣe ló máa sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bí òbìrìkítí bá rí bí ẹyin, wọ́n ti na àwòrán náà. Nínú ètò tó ń gbé àwòrán hàn, ẹ yí Stretch sí Fit. Bí ìlà pupa bá pòórá, tẹlifísàn ló ń gé etí. Ó ṣe èmi náà rí: iye owó tó wà nísàlẹ̀ pósítà kò hàn, mo sì ń dín pósítà kù lásán. Inú ètò àwòrán tẹlifísàn ni àtúnṣe rẹ̀ wà. Just Scan tàbí Screen Fit ni ọ̀pọ̀ ń pè é.

Pósítà ìbú kì í kún sikirínì òòró. Bí fífẹ̀ rẹ̀ tó jẹ́ 1920 bá sún kì sínú 1080, gíga rẹ̀ tó jẹ́ 1080 á ku bíi 607, ìyẹn ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta sikirínì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un tò lóòró.