Àyè Kàdúná tó ń jẹ wá lówó

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ wa níbí ní Àbújá ń san ₦1,500,000 fún tọ́ọ̀nù 150 nínú àyè tọ́ọ̀nù 250 tí a háyà ní Kàdúná, owó ìkẹ́rù tí 150 yẹn sì ń bá wa dín kù kò ju ₦1,200,000 lọ. Kọnsọ́tántì tó ní ká gbà á ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Èmi ni ọ̀gá wá ní kí n lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Fùláwà là ń kó. Láti Kánò, tọ́ọ̀nù kan ń jẹ ₦30,000 dé Àbújá, ₦28,000 dé Jọ́ọ̀sì. Láti Kàdúná, ₦16,000 ni dé Àbújá, ₦20,000 dé Jọ́ọ̀sì. Tọ́ọ̀nù 400 ni Àbújá ń fẹ́ lọ́sẹ̀, Jọ́ọ̀sì ń fẹ́ 150. Kánò lè gbé 500 jáde, Kàdúná 300 péré. Mi ò ní fi bí mo ṣe tò ó sínú Excel dá yín dúró. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí gbogbo 300 Kàdúná wá sí Àbújá, kí Kánò fi 100 kún un, kó sì gbé ti Jọ́ọ̀sì. ₦12,000,000 ni gbogbo owó ìkẹ́rù.

Nínú ìjábọ̀ `Sensitivity` tí Solver inú Excel kọ, kọnsọ́tántì rí −14,000 níwájú ààlà Kàdúná. Ó kà á dáadáa: bí àyè Kàdúná bá fi tọ́ọ̀nù kan pọ̀ sí i, owó ìkẹ́rù á fi ₦14,000 dín kù, nítorí tọ́ọ̀nù kan tí ì bá ti Kánò wá sí Àbújá á wá láti Kàdúná. Ẹni tó ni àyè ń gba ₦10,000 lórí tọ́ọ̀nù kan. Lọ̀gbẹ́ni bá fi ₦14,000 sọ tọ́ọ̀nù 250 tó ní ká háyà di púpọ̀, ó ní lẹ́yìn owó àyè, a ó jèrè ₦1,000,000 lọ́sẹ̀. Ta ló sọ fún un pé ₦14,000 yẹn á bá wa dé 250?

Mo ṣí fáìlì rẹ̀. `GRG Nonlinear` ló yàn! Ẹni tó bá yan ìyẹn, `Lagrange Multiplier` nìkan ni ìjábọ̀ á kọ fún un, kò ní sí òpó `Allowable Increase` rárá, èyí tó ń sọ bí ààlà ṣe lè pọ̀ sí i tó kí iye náà tó yí padà. Mo yí i sí `Simplex LP`, ó sì yọ kedere: `Shadow Price` −14,000, `Allowable Increase` 100, `Allowable Decrease` 250. Lẹ́yìn 100, kò tún sí fùláwà Kánò tó ń wá sí Àbújá mọ́. Jọ́ọ̀sì ni èyí tó bá lé á lọ, ₦8,000 nìkan nìyẹn sì ń dín kù, nígbà tí a ń san ₦10,000. Ká ní 100 la gbà, ₦400,000 là bá máa jẹ lọ́sẹ̀. 250 tí a gbà sọ ọ́ di ₦100,000.

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Mo yí àyè Kàdúná sí 400 kí n lè fi han ọ̀gá, ìjábọ̀ ní −14,000 síbẹ̀, ṣùgbọ́n `Allowable Increase` di 0. Àbúrò kan ní ọ́fíìsì wa fi PuLP ti Python ṣe tirẹ̀:

```python
for ami, c in m.constraints.items():
    print(ami, c.pi, c.slack)
```

Níwájú ààlà Kàdúná, `pi` tirẹ̀ mú −8,000 jáde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, Excel yín ló ń purọ́." Mo bínú. A yẹ gbogbo iye wò lọ́kọ̀ọ̀kan, a wo àmì, a pààrọ̀ ètò àwọn ìlà. Kò sí àṣìṣe kankan, iye méjèèjì kò sì yí padà. Ọ̀gá ń fóònù ṣáá, ó ń béèrè èwo ni ká gbà.

Ohun tó tú u ni pé mo pa ìjábọ̀ méjèèjì tì, mo kàn yí 400 padà díẹ̀. Ní 400, owó jẹ́ ₦10,600,000. Ní 401, ó di ₦10,592,000. Ní 399, ₦10,614,000. Òótọ́ ni àwa méjèèjì sọ! Orí 400 gan-an ni iye náà ti ń yí: bí àyè bá dín, ₦14,000 la pàdánù, bí ó bá pọ̀ sí i, ₦8,000 la jèrè. Ẹyọ kan nínú méjèèjì ni ẹ̀rọ máa ń mú. 0 tó wà ní òpó `Allowable Increase` ni Excel fi ń kìlọ̀ fún mi, ṣùgbọ́n `pi` ti PuLP kì í gbé irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ wá. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti rí 0 ní ọ̀kan nínú àwọn òpó méjì yẹn, mi ò ní fọkàn tán iye kan ṣoṣo mọ́. Mo máa ń fi ẹyọ kan lé ààlà, mo tún máa ń yọ ẹyọ kan, kí n tó sọ̀rọ̀.

Àdéhùn ọdún kan la ṣe, onílé kò sì gbà ká dá a padà. A ti wá ń wá ẹni tí yóò háyà lọ́wọ́ wa. Mo sọ fún ọ̀gá pé fún tọ́ọ̀nù 150 àkọ́kọ́, bí ẹnikẹ́ni bá fi ohun tó ju ₦8,000 lórí tọ́ọ̀nù kan lọ̀ wá, kó gbà, ìbáà má tó ₦10,000 tí à ń san. Bí wọ́n bá fẹ́ ju 150 lọ, èyí tó bá lé, kó má fi sílẹ̀ ní kékeré sí ₦14,000.